Orúkọ fáìlì àti ohun tí a kọ sínú fídíò: èwo ni àwọn ìkànnì ń kà ní tòótọ́?

Abẹ́rẹ́Olówùú

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Mo ń ṣe fídíò tó ń kọ́ni bí a ṣe ń tún maṣíìnì ìránṣọ ṣe: bí a ṣe ń pààrọ̀ abẹ́rẹ́, ohun tó ń fa kí òwú máa já, bí a ṣe ń fi òróró sí i, irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Fóònù ni mo fi ń yà á, torí náà orúkọ bíi `VID_20240316_142233.mp4` ni gbogbo fáìlì mi ń jẹ́.

Ẹnì kan tó ń gbowó kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ YouTube sọ fún mi pé kí n tó gbé fídíò kankan sókè, mo gbọ́dọ̀ yí orúkọ fáìlì padà. Ó ní lẹ́yìn náà kí n fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì náà nínú Windows, kí n wọ Properties, kí n bọ́ sí Details, kí n kọ àkọlé sí Title, kí n da gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn lè fi wá fídíò náà sínú Tags àti Comments, kí n sì fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún. Ó ní bí mi ò bá ṣe gbogbo èyí, YouTube ò ní mọ ohun tí fídíò náà dá lé lórí.

Fáìlì rẹpẹtẹ ló wà nílẹ̀ níwájú mi. Kí n tó jókòó ti iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ èyí tí wọ́n ń kà nínú gbogbo rẹ̀?

ỌbaÀkọlé

Òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín, Àǹtí. Orúkọ fáìlì ni nǹkan àkọ́kọ́ tí YouTube ń fojú kàn. Ẹ gbé fáìlì yẹn sókè bó ṣe wà, kí ẹ wá wo àpótí Title: “VID 20240316 142233” lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹ wo bí fídíò tó ń jẹ́ IMG pẹ̀lú nọ́ńbà lásán ṣe pọ̀ tó lórí YouTube. Àwọn tí kò yí orúkọ padà náà nìyẹn.

Èmi kì í gbé fáìlì sókè láì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí wọ́n fi wá a wà nínú orúkọ rẹ̀. Ti Properties náà, mo máa ń kọ gbogbo rẹ̀ kún. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni àwọn fídíò mi ti ń rí ojú ayé.

SùúrùLérè

Àǹtí, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lórí taágì. YouTube fúnra wọn kọ ọ́ sí ojú ewé ìrànlọ́wọ́ wọn pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni taágì ń ṣe láti mú kí àwọn ènìyàn rí fídíò, àti pé ibi tó ti wúlò jù ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń ṣì kọ. Àkọlé, àwòrán ìta àti àpèjúwe ni kí ẹ bójú tó. Taágì náà kò tilẹ̀ gbà ju lẹ́tà 500 lọ.

Abẹ́rẹ́Olówùú

Ẹ ṣeun, SùúrùLérè, ṣùgbọ́n kì í ṣe taágì inú YouTube Studio ni mò ń bèèrè. Èyí tí wọ́n ní kí n kọ sínú fáìlì fúnra rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mi, kí ó tó dé YouTube rárá, ni mo ń sọ.

BàbáFáìlì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Iṣẹ́ ìpamọ́ fídíò ni mò ń ṣe, mo sì máa ń gbé wọn sórí ìkànnì lóríṣiríṣi, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an.

ỌbaÀkọlé tọ̀nà dé ìdajì. YouTube ń ka orúkọ fáìlì, kò sí iyàn níbẹ̀. Á gé `.mp4` kúrò ní ìdí rẹ̀, á sọ àmì `_` di àlàfo, á sì kó ìyókù sínú àpótí àkọlé. Ó tún ń tọ́jú orúkọ náà pa mọ́. Ẹni tó bá ni fídíò lè bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ API wọn, ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà fi ń bá YouTube sọ̀rọ̀, lẹ́yìn tó bá ti wọlé sí àkáǹtì rẹ̀:

```
GET https://www.googleapis.com/youtube/v3/videos?part=fileDetails&id=VIDEO_ID
```

Nínú ìdáhùn tó máa wá, ẹ ó rí `fileName`, bí fáìlì ṣe tóbi tó, bí ó ṣe gùn tó, `creationTime` tó jẹ́ ìgbà tí wọ́n dá fáìlì náà, àti ọ̀rọ̀ nípa àwòrán àti ohùn: fífẹ̀ rẹ̀, gíga rẹ̀, bóyá wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó ni fídíò nìkan ló lè rí èyí, àwọn olùwòran ò lè rí i. Ẹ wá wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí àkọlé tí ẹ kọ sínú Details. Kò sí Tags, kò sí Comments, kò sí ìràwọ̀.

Ìràwọ̀ yẹn pàápàá, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó jẹ́. Windows ló ń kọ ọ́ sínú fáìlì fún ara rẹ̀, kí ẹ lè to fídíò inú kọ̀ǹpútà yín bí ẹ ṣe fẹ́ràn wọn sí. Bí ẹ bá fi `exiftool`, ètò kan tó ń ka ohun tí wọ́n kọ pa mọ́ sínú fáìlì, wò ó, ẹ ó rí i pé ìràwọ̀ márùn-ún ti di nọ́ńbà 99 lábẹ́ orúkọ `SharedUserRating`. Ẹ̀yin lẹ fún fídíò yín ní ìràwọ̀ náà. Èwo ni yóò wá kan ìkànnì kan níbẹ̀ tí yóò fi gbà á gbọ́?

Kí ẹ má bàa fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan ṣe é, ẹ dán an wò fúnra yín. Ẹ hun ọ̀rọ̀ kan tí kò sí ní èdè kankan. Èyí tí mo fi ṣe tèmi ni “zuwekoba”. Ẹ lo `ffmpeg` àti `ffprobe`, ètò fídíò tí a ń kọ àṣẹ sí, láti fi ọ̀rọ̀ náà sínú fáìlì, kí ẹ sì fún fáìlì náà ní orúkọ tí kò bá a tan rárá:

```
ffmpeg -i VID_20240316_142233.mp4 -c copy -metadata title="zuwekoba" -metadata comment="zuwekoba" idanwo.mp4
ffprobe -v error -show_entries format_tags -of default=nw=1 idanwo.mp4
```

Àṣẹ kìíní ń dá fáìlì tuntun láì fọwọ́ kan àwòrán tàbí ohùn, torí `-c copy` tó wà níbẹ̀. Èkejì ń fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn yín, ẹ ó sì rí ìlà méjì yìí láàárín àwọn yòókù:

```
TAG:title=zuwekoba
TAG:comment=zuwekoba
```

Ó ti wọlé nìyẹn. Ẹ wá gbé `idanwo.mp4` lọ sí YouTube, kí ẹ fi sí Private. Nígbà tí mo ṣe é, “idanwo” ló jáde nínú àpótí àkọlé. Mo wo àpótí àpèjúwe, ó ṣófo. Mo wo àpótí taágì, òun náà ṣófo. Nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́ lórí rẹ̀, mo lo Download inú Studio láti gbà á padà, mo sì fi `ffprobe` kan náà wò ó. Zuwekoba ti pòórá. Ìdí ni pé YouTube kì í fún olùwòran ní fáìlì tí ẹ fi ránṣẹ́. Ó ń ti inú rẹ̀ ṣe òmíràn ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, àwọn tuntun yẹn ni àwọn ènìyàn ń wò.

ỌbaÀkọlé

Bàbá, mo gbọ́, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n pé kò sí nínú èyí tó jáde kò sọ pé wọn ò kà á nígbà tó ń wọlé. Wọ́n lè kà á lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n fi pa mọ́, kí wọ́n má sì fi han ẹnikẹ́ni.

BàbáFáìlì

Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí ìdánwò náà fi ní apá kejì. Mo ṣí fídíò náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé, mo fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo wá lọ wá “zuwekoba” nínú àpótí ìwákiri YouTube, inú àmì àyọlò ni mo kọ ọ́ sí. Fídíò mi kò jáde. Mo wá kọ ọ̀rọ̀ kan náà sínú àpèjúwe, mo tún fi í sílẹ̀. Nígbà tí mo wá a lẹ́ẹ̀kejì, ó jáde. Fídíò kan náà, ìkànnì kan náà, ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà nìkan ló yàtọ̀.

Èyí fi hàn mí pé ìwákiri wọn kì í ti inú fáìlì mú ọ̀rọ̀. Ibi tí ìdánwò náà parí sí ni pé kò lè sọ bóyá nǹkan mìíràn wà tí wọ́n ń fi ṣe ìpinnu lẹ́yìn pátákó. Èmi ò sí nínú ilé wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí ènìyàn fi ọ̀pọ̀ wákàtí kọ ọ̀rọ̀ sínú Properties ló yẹ kó mú ẹ̀rí wá, kì í ṣe ẹni tó ń bèèrè.

ỌbaÀkọlé

Ti Properties, mo lè gbà fún yín, Bàbá. Ti orúkọ fáìlì, mi ò tíì gbà. Ẹ̀yin fúnra yín sọ pé wọ́n ń tọ́jú `fileName`. Kí ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ fún? Mo rí ìyàtọ̀ nínú iye àwọn tó ń wo fídíò mi láti ìgbà tí mo ti ń yí orúkọ padà.

ÌyáKámẹ́rà

ỌbaÀkọlé, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí orúkọ fáìlì padà, ṣé ẹ máa ń ronú lórí àkọlé kí ẹ tó gbé fídíò sókè, àbí ẹ máa ń kọ èyí tó bá wá sí yín lọ́kàn lójú ẹsẹ̀? Ní báyìí tí ẹ ti ń sọ fáìlì lórúkọ, ẹ ti ronú lórí ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń wá, ọ̀rọ̀ yẹn náà lẹ sì ń lò nínú àkọlé tí gbogbo ayé ń rí. Báwo lẹ ṣe fẹ́ ya iṣẹ́ tí àkọlé ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí orúkọ fáìlì ṣe?

ỌbaÀkọlé

Àwọn méjèèjì ni mo ń yí padà pọ̀ lóòótọ́. Mi ò tíì yí ọ̀kan láì yí èkejì rí. Síbẹ̀, yíyí orúkọ padà kò gba àsìkò, mi ò sì rí ìdí tí mo fi máa jáwọ́ níbẹ̀.

BàbáFáìlì

Kò sí ẹni tó ní kí o jáwọ́ níbẹ̀. Mo máa ń sọ fáìlì lórúkọ dáadáa, kódà ju bí o ṣe ń ṣe é lọ, ṣùgbọ́n fún èmi tí mo máa wá a lọ́la ni. `2024-03-16_masiini_paaro-abere_v3.mp4`: ọjọ́ ló ṣáájú kí wọ́n lè to ara wọn, ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ̀ lé e, ẹ̀dà wo ni ó jẹ́ ló kẹ́yìn. Bí a bá ti ń sọ fáìlì ní “parí”, “parí gan-an”, “parí tuntun”, ọjọ́ kan ni a máa gbé èyí tí a ò tíì tún ṣe sókè, YouTube kì í sì í jẹ́ kí a fi fáìlì mìíràn rọ́pò èyí tó ti wà lórí líǹkì kan. A máa pa á rẹ́ ni, kí a bẹ̀rẹ̀ ní tuntun, iye àwọn tó ti wò ó àti ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ á sì bá a lọ.

ÌyáKámẹ́rà

Ohun tó ń dùn mí nínú ìmọ̀ràn tí wọ́n fún Àǹtí ni pé ó kọ́ wọn láti máa fi nǹkan kún fáìlì, kò sì kọ́ wọn láti wo ohun tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ fídíò fún àwọn oníbàárà ni mò ń ṣe, ibí yìí ni mo ti rí ewu.

Ẹ fi `ffprobe` tí Bàbá kọ sókè yẹn wo fídíò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fóònù yà, tí ibi tí ẹ wà bá ṣí lórí kámẹ́rà yín. Lórí iPhone, ẹ ó rí ohun tó jọ èyí (mo ti yí nọ́ńbà náà padà):

```
TAG:com.apple.quicktime.location.ISO6709=+12.3456+065.4321+010.000/
TAG:com.apple.quicktime.make=Apple
TAG:com.apple.quicktime.creationdate=2024-03-16T14:22:33+0000
```

Lórí Android, `TAG:location` ló máa ń jẹ́. Nọ́ńbà yẹn ni ibi tí ẹ dúró sí nígbà tí ẹ ń yà á. Ẹni tó bá kọ ọ́ sínú àwòrán ilẹ̀ orí fóònù máa rí òpópónà yín.

Bí ó bá jẹ́ YouTube lẹ gbé e lọ, olùwòran kò ní rí i, torí ohun tí Bàbá sọ: fáìlì mìíràn ni wọ́n ń fún olùwòran. Ibi tí ó ti ń jáde ni àwọn ibi tí wọ́n ti ń fi fáìlì yín ránṣẹ́ bó ṣe wà. Bí ẹ bá fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp bíi fídíò, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á sì fún un ní orúkọ wọn. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì kí ó má bàa bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ ló ń lọ, àti orúkọ, àti ibi tí ẹ wà. Google Drive náà rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá gba fáìlì náà wálẹ̀ gba ohun tí ẹ gbé síbẹ̀ gan-an.

Ọ̀rọ̀ orúkọ fáìlì náà wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan máa ń kọ ipò iṣẹ́ sínú orúkọ fáìlì. Ó fi líǹkì Drive ránṣẹ́ sí oníbàárà kan, oníbàárà náà ṣí i, ó sì bá `igbeyawo_ko-tii-sanwo_v2.mp4` pàdé. Owó náà kò pẹ́ kó tó wọlé, ṣùgbọ́n ẹni yẹn kò padà wá gbé iṣẹ́ fún un mọ́.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ rárá ni ti ètò àtúnṣe fídíò. Ẹ mú fáìlì tí ẹ gbé jáde láti inú Premiere, kí ẹ wò ó báyìí:

```
exiftool -a -G1 -s fidio.mp4
```

Ẹ wá `WindowsAtomUncProjectPath` nínú ohun tó jáde. Ọ̀nà tó lọ sí fáìlì iṣẹ́ yín lórí kọ̀ǹpútà ló máa wà níbẹ̀, orúkọ tí ẹ fi ń wọlé sí Windows wà nínú rẹ̀, orúkọ fódà wà nínú rẹ̀. Bí fódà yẹn bá ń jẹ́ orúkọ oníbàárà mìíràn, ẹni tó gba fáìlì náà lè kà á.

Abẹ́rẹ́Olówùú

Háà! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo tèmi báyìí, `TAG:location` wà níbẹ̀ lóòótọ́, yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni ó tọ́ka sí gẹ́lẹ́. Mo sì máa ń fi fáìlì gidi ránṣẹ́ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí YouTube kò bá yá lọ́wọ́ wọn. Báwo ni mo ṣe máa yọ ọ́?

ÌyáKámẹ́rà

Èyí ni mo máa ń lò, kò sì ní ba àwòrán yín jẹ́:

```
ffmpeg -i VID_20240316_142233.mp4 -map_metadata -1 -c copy paaro-abere.mp4
```

Ẹ tún fi `ffprobe` wo èyí tuntun. Ìlà díẹ̀ ló máa kù, bíi `major_brand` àti èyí tó ń jẹ́ `encoder` pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Lavf, ffmpeg fúnra rẹ̀ ló kọ wọ́n, wọn kò sọ nǹkan kan nípa yín. Ẹ tọ́jú fáìlì àkọ́kọ́ o, ẹ má pa á rẹ́. Ọjọ́ tí ẹ yà á ṣì wúlò fún yín nílé.

Ẹ̀yin tó bá ń lo kámẹ́rà ìrìnàjò bíi GoPro, ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Ibi tí ó ń kọ ọ̀nà tí ẹ rìn sí kì í ṣe ibi tí `format_tags` ń wò. Ó ní ipa tirẹ̀ nínú fáìlì náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán àti ohùn, gbogbo ìṣísẹ̀ yín ló sì wà nínú rẹ̀. `exiftool -ee` ló máa ń fi hàn. Àṣẹ tí mo kọ yẹn kì í kó ipa náà dání, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi `-map 0` kún un bí àwọn kan ṣe ń kọ́ni, ẹ ti pe gbogbo rẹ̀ padà nìyẹn.

AyípoAyé360

Mo ti tẹ̀ lé irú ìmọ̀ràn yìí rí níbòmíràn, ó sì fìyà jẹ mí, ẹ gbà mí o! Fídíò 360 ni mò ń ṣe, èyí tí ènìyàn lè fi ìka yí kiri. Láti ìgbà tí mo ti ń fi ffmpeg nu fáìlì kí n tó gbé e lọ, YouTube ń fi í hàn pẹlẹbẹ, gbogbo nǹkan fẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fà á ya. Ṣé YouTube ti dá 360 dúró ni?

BàbáFáìlì

Rárá o, wọn kò dá a dúró. Ìwọ gan-an lo mú ìbéèrè yìí dé ibi tó ṣe pàtàkì jù.

Ohun kan wà nínú fáìlì tí YouTube ń kà, tó sì ń tẹ̀ lé: èyí tó sọ bí wọ́n ṣe máa fi àwòrán náà hàn. Bóyá wọ́n gbé fóònù dúró tàbí wọ́n dá a lélẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yà á, irú àwọ̀ tó wà nínú rẹ̀ bó bá jẹ́ HDR, àti bóyá ó jẹ́ 360. Wọn kò lè mọ̀ pé 360 ni nípa wíwo àwòrán, torí pé àwòrán 360 tí a tẹ́ pẹlẹbẹ jọ fídíò tó fẹ̀ lásán. Àmì kan inú fáìlì ló ń sọ fún wọn. Bí ffmpeg bá ń kọ MP4, kì í kọ àmì yẹn àyàfi tí a bá gbà á láyè:

```
ffmpeg -i ayika.mp4 -map_metadata -1 -c copy -strict unofficial ayika-2.mp4
```

Bí èyí kò bá ṣe é fún fáìlì rẹ, Google ní ètò kékeré kan tó ń jẹ́ Spatial Media Metadata Injector. Ṣí fáìlì nínú rẹ̀, fi àmì sí ibi tí wọ́n kọ pé fídíò náà jẹ́ 360, tẹ Inject metadata, á sì fún ọ ní ẹ̀dà tuntun tí àmì náà wà nínú rẹ̀. Èyí tuntun ni kí o gbé sókè. Ìyẹn ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn, lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe, nítorí bí o bá tún gba inú ètò mìíràn kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ó lè tún sọ nù.

Èyí tó ti wà lórí YouTube kò ṣeé tún ṣe láti inú Studio. Wàá gbé fáìlì tó ní àmì lọ ní tuntun ni.

Ohun mìíràn tí wọ́n ti ń kà láti 2024 ni àmì C2PA, èyí tí àwọn kámẹ́rà kan fi ń ṣe ẹ̀rí ibi tí àwòrán ti wá. YouTube lè tipa rẹ̀ kọ sábẹ́ fídíò pé kámẹ́rà ló yà á, TikTok náà sì ń kà á. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀rí yẹn dé ọ̀dọ̀ olùwòran kò gbọdọ̀ nu fáìlì rẹ̀ rárá.

AyípoAyé360

Ìnjẹ́kítọ̀ yẹn ṣe é, Bàbá! Ó ń yí kiri báyìí. `-strict unofficial` kò tíì ṣe é fún èyí tí mo lẹ̀ mọ́ra láti inú ètò àtúnṣe mi, mi ò mọ ìdí.

BàbáFáìlì

Ó ṣeé ṣe kí ètò àtúnṣe náà ti sọ àmì náà nù kó tó dé ọ̀dọ̀ ffmpeg. ffmpeg kò lè pa ohun tí kò bá níbẹ̀ mọ́. Fi `exiftool` wo fáìlì tó jáde láti inú ètò náà, kí o wá `ProjectionType` tàbí `Spherical` nínú rẹ̀. Bí kò bá sí, ibẹ̀ ló ti sọ nù.

Onísáfà

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí YouTube nìkan ni gbogbo yín ń sọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìkànnì tiyín lẹ ń gbé fídíò sí, ọ̀rọ̀ orúkọ fáìlì yí padà pátápátá. Níbẹ̀, orúkọ fáìlì ló ń di àdírẹ́sì. WordPress náà, bí ẹ bá gbé fídíò sínú rẹ̀, orúkọ fáìlì ni ó máa fi ṣe àkọlé rẹ̀. Ó yani lẹ́nu pé bó bá jẹ́ orin, ó ń ka àkọlé tó wà nínú fáìlì, bó bá jẹ́ fídíò, kì í mú un.

Ẹ má fi àlàfo sí i, á di `%20`. Ẹ má sì yí i padà lẹ́yìn tí ẹ bá ti pín líǹkì rẹ̀.

Fún àwa tó ń kọ Yorùbá, ẹ má fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sínú orúkọ fáìlì tó ń lọ sí sáfà. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Ohun tó fà á ni pé kọ̀ǹpútà lè kọ “ọ̀” ní ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ: `U+1ECD U+0300`, tàbí `U+006F U+0323 U+0300`. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú sáfà, orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ ó rí fáìlì náà nínú fódà, ẹ ó tẹ líǹkì rẹ̀, á ní 404. Mo ti rí ẹni tó gbé e láti Mac lọ sí sáfà Linux, tó tẹ orúkọ náà sínú ojú ewé fúnra rẹ̀, tí kò sì yé e ìdí tí kò fi ṣí. `paaro-abere.mp4` tó. Inú àkọlé àti àpèjúwe ni kí ẹ ti fi gbogbo àmì sí i bó ṣe yẹ, ibẹ̀ ni ènìyàn ń kà.

SùúrùLérè

Ṣé a lè wá sọ pé ohun tí wọ́n kọ sí Title inú fáìlì kò wúlò níbì kankan nìyẹn?

Onísáfà

Ó wúlò, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi tí wọ́n sọ fún Àǹtí. VLC ń kà á. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn bá gba fáìlì náà sórí kọ̀ǹpútà, àkọlé tó wà nínú rẹ̀ ni VLC máa kọ sókè, kì í ṣe orúkọ fáìlì. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi máa ń yí orúkọ fáìlì padà tí orúkọ àtijọ́ ṣì ń jáde nígbà tó bá ń wò ó. Plex, ètò tí a fi ń to fídíò ilé ẹni, náà lè kà á, bí ẹ bá ní kó fi ti inú fáìlì ṣáájú, ṣùgbọ́n orúkọ fáìlì àti fódà ló kọ́kọ́ ń wò láti mọ ohun tí fídíò jẹ́.

Abẹ́rẹ́Olówùú

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Mi ò ní fọwọ́ kan Properties mọ́ fún ti YouTube. Èyí tí mò ń fi ránṣẹ́ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo máa nù, màá sì fi àkọlé sínú ìyẹn kí VLC lè fi hàn wọ́n. Ṣé mo lè ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà? Díẹ̀ lára àwọn fáìlì mi àtijọ́ sì jẹ́ `.mkv`, exiftool ní òun ò lè kọ nǹkan sí i.

ÌyáKámẹ́rà

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi méjèèjì sínú àṣẹ kan, `-map_metadata -1` kọ́kọ́ nù ún, `-metadata` kọ tuntun sí i:

```
ffmpeg -i VID_20240316_142233.mp4 -map_metadata -1 -metadata title="Bí a ṣe ń pààrọ̀ abẹ́rẹ́ maṣíìnì" -c copy paaro-abere.mp4
```

Níbí, ẹ lè fi àmì ohùn sí àkọlé náà, kò ní dí ohunkóhun lọ́wọ́.

Ti `.mkv`, exiftool ń kà á, kì í kọ sí i. `mkvpropedit` ni kí ẹ lò, ó máa ń bá MKVToolNix wá, ó sì ń ṣe é lórí fáìlì kan náà láì dá òmíràn:

```
mkvpropedit fidio.mkv --edit info --set "title=Bí a ṣe ń fi òróró sí maṣíìnì"
```

ỌbaÀkọlé

Mo ti gbé fídíò tuntun méjì sókè pẹ̀lú orúkọ `VID` lásán, àkọlé nìkan ni mo kọ dáadáa. Màá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí mo yí orúkọ wọn padà, kí n padà wá sọ ohun tí mo bá rí. Bàbá, ẹ má tíì rò pé mo ti gbà o.

BàbáFáìlì

Fídíò méjì kéré fún irú ìyẹn, ọmọ mi. Kókó ọ̀rọ̀ inú wọn yàtọ̀ síra, ọjọ́ tí wọ́n jáde yàtọ̀, ìyẹn nìkan tó láti yí iye àwọn olùwòran padà. Ṣùgbọ́n ṣe é, kí o sì kọ ọ́ síbí.